Ìtàn Àdàkọ Iyè Kọ̀ǹpútà àti Ìbéèrè Ìgbà tí ó Yẹ kí a Pa á Rẹ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn àdàkọ iyè, èyí tí í ṣe àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà máa ń fi sílẹ̀ nígbà tí àṣìṣe bá dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró lójijì. A tọpasẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí a ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, dé ìgbà tí ó di fáìlì lórí dísìkì, títí di ìgbà tí ó di ohun tí àwọn olè orí ẹ̀rọ ń wá kiri. Èrò tí a gbé kalẹ̀ ni pé òfin ìgbà tí a lè pa irú fáìlì bẹ́ẹ̀ rẹ́ ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹta. Àìtó àyè orí dísìkì ni ó kọ́kọ́ bí òfin náà. Ẹ̀rí tí fáìlì gbé dání ni ó ń sọ pé kí a ṣe sùúrù. Àṣírí tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó sì ń sọ pé kí a má ṣe pẹ́ jù. A fi àpẹẹrẹ ẹ̀rọ kan tí ó dákú hàn bí a ṣe lè wọn ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí papọ̀.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohun tí àgbà ń wá lẹ́yìn ni ohun tí ó gbé e ṣubú. Kọ̀ǹpútà náà máa ń ṣubú, àwọn tí ó ṣe é sì ti kọ́ ọ láti wo ẹ̀yìn. Ní ìṣẹ́jú tí ó bá rí i pé òun kò lè tẹ̀ síwájú mọ́, ó máa ń da ohun tí ó wà nínú iyè rẹ̀ kọ síbi kan kí ó tó kú, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà lè mọ ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ó ṣubú. Iyè ẹ̀rọ ni a pe ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́ sí, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní mẹ́mórì. Ohun gbogbo tí ó wà níbẹ̀ ni ó ń parẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Ìdí nìyí tí àdàkọ fi pọn dandan: bí a kò bá da iyè náà kọ, ẹ̀rí ti lọ pẹ̀lú iná.

Ẹni tí ó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń bá àdàkọ yìí pàdé nígbà tí dísìkì bá kún. Ó ń wá ohun tí yóò yọ kúrò, ó sì rí fáìlì ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ `MEMORY.DMP`. Ó wá béèrè pé, ṣé mo lè pa á rẹ́? Ìdáhùn kúkurú ni pé kọ̀ǹpútà kò nílò fáìlì náà láti ṣiṣẹ́, nítorí náà pípa á rẹ́ kò lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Ìdáhùn yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò pé. Ó sọ ohun tí kì yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ. Kò sọ ohun tí ẹni tí ó pa fáìlì náà rẹ́ ti pàdánù, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ewu tí ẹni tí ó fi í sílẹ̀ gbé pamọ́. Kí a tó lè dáhùn dáadáa, ó yẹ kí a mọ bí ìbéèrè náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tí àdàkọ jẹ́ bébà

Ní ọdún 1953, kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ Wẹ́ẹ̀lìwíńdì, tí Jay Forrester àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ Masashúsẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú iyè tuntun kan. Òrùka kéékèèké tí a fi ohun tí mágínẹ́ẹ̀tì lè fà ṣe, tí a sì fi wáyà kó papọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, ni iyè náà. Òrùka kọ̀ọ̀kan ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní kọ́ọ̀. Irú iyè yìí ni kọ̀ǹpútà ńlá lò fún bí ogún ọdún. Nígbà tí ó yá, a pa òrùka tì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ègé sílíkónì, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò. Títí di òní, fáìlì àdàkọ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ṣì ń jẹ́ `core`, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òrùka kankan nínú ẹ̀rọ náà mọ́.

Ní ayé òrùka yẹn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó ń gbé àdàkọ jáde. Ilé-iṣẹ́ IBM kéde ìdílé kọ̀ǹpútà Sístẹ̀mù 360 ní oṣù kẹrin ọdún 1964. Ẹni tí ó bá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ yìí lè fi ìlà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ `SYSUDUMP` tàbí `SYSABEND` kún iṣẹ́ náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí iṣẹ́ yìí bá kú láìtọ́jọ́, kí ẹ tẹ ohun tí ó wà nínú iyè rẹ̀ fún mi. Orí bébà náà ni a ó ti rí àmì tí ó sọ irú ikú tí iṣẹ́ náà kú. Bí àpẹẹrẹ, `0C7` túmọ̀ sí pé ètò náà retí iye owó tàbí òǹkà kan, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá níbẹ̀ kì í ṣe òǹkà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí bébà náà ṣe pọ̀ tó. Ìlà kọ̀ọ̀kan lórí irú ìwé yìí ń gba báìtì 32. Bí iyè tí a fẹ́ tẹ̀ bá jẹ́ kílóbáìtì 256, yóò gba ìlà 8,192. Bí ojú ìwé kan bá gba ìlà 60, ojú ìwé tí yóò jáde yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 137. Ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà yóò gbé ẹrù yìí lọ sórí tábìlì rẹ̀, yóò sì fi pẹ́ńsù tọpasẹ̀ àṣìṣe láti ojú ìwé kan dé èkejì. Nígbà tí ó bá rí àṣìṣe náà tán, yóò da bébà nù. Nínú ayé yìí, ìbéèrè ìgbà tí a lè pa àdàkọ rẹ́ kò ṣòro rárá, nítorí ẹni tí ó kà á náà ni ó ń dà á nù, kì í sì í dà á nù kí ó tó kà á. Bébà kò gba àyè kankan nínú ẹ̀rọ.

Fáìlì tí ń jẹ́ core

Ìyípadà dé nígbà tí àdàkọ kúrò lórí bébà, tí ó di fáìlì. Ìwé ìtọ́sọ́nà àkọ́kọ́ ti ètò aṣàkóso Yúníìsì, èyí tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ṣe ní ilé ìwádìí Bẹ́ẹ̀lì, jáde ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún 1971. Fáìlì tí ń jẹ́ `core` ti wà nínú ìwé náà. Bí ètò kan bá ṣe àṣìṣe tí kò ṣeé fojú fò, Yúníìsì yóò dá a dúró, yóò sì da iyè rẹ̀ kọ sínú fáìlì yìí, níbi tí ètò náà ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí ìdí láti tẹ bébà mọ́. Ẹni tí ó fẹ́ wá àṣìṣe lè jókòó sídìí ẹ̀rọ, kí ó sì béèrè ohun tí ó fẹ́ mọ̀ nìkan lọ́wọ́ fáìlì náà.

Àǹfààní ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ó mú ìṣòro kan wọlé. Ritchie kọ̀wé nípa kọ̀ǹpútà PDP-11 tí wọ́n kọ́kọ́ lò pé iyè rẹ̀ jẹ́ kílóbáìtì 24. Ètò aṣàkóso gba 16, ó ku 8 fún ètò àwọn aṣàmúlò. Dísìkì rẹ̀ sì jẹ́ kílóbáìtì 512. Èyí túmọ̀ sí pé àdàkọ kan ṣoṣo tí ó kún dáadáa lè gba ìdá kan nínú ìdá mẹ́rìnlélọ́gọ́ta gbogbo dísìkì. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò, tí ètò kálukú wọn sì ń kú, àyè yóò tán kíákíá. Ohun tí ó tún burú ni pé, yàtọ̀ sí bébà, fáìlì kì í wà lójú. Ẹni tí ètò rẹ̀ kú lè máà mọ̀ pé ó fi ohunkóhun sílẹ̀.

Bí òfin ìparẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwọn alábòójútó ẹ̀rọ Yúníìsì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àṣẹ kan síbi tí ẹ̀rọ yóò ti máa mú un ṣẹ fúnra rẹ̀ lóru. Àṣẹ náà di gbajúgbajà láàárín wọn:

```
find / -name core -atime +7 -exec rm {} \;
```

Ohun tí ó ń sọ ni pé: wá gbogbo ibi tí ó wà lórí dísìkì, kí o mú gbogbo fáìlì tí ń jẹ́ `core` tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti ọjọ́ méje ó lé, kí o sì pa wọ́n rẹ́. Ó yẹ kí a kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà nínú `-atime`. Àṣẹ náà kò béèrè ọjọ́ tí a dá fáìlì náà. Ọjọ́ tí a kà á gbẹ̀yìn ni ó béèrè. Bí ẹnìkan bá ṣì ń fi àdàkọ kan wá àṣìṣe, kíkà tí ó ń kà á ni yóò máa dáàbò bò ó. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí kò sí ẹni tí ó yà sọ́dọ̀ rẹ̀, a gbà pé kò sí ẹni tí yóò wá mọ́.

Síbẹ̀, àléébù wà nínú àṣẹ náà. Orúkọ nìkan ni ó ń wò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi `core` sọ orúkọ fáìlì iṣẹ́ ara rẹ̀, yálà nítorí pé ó ń kọ̀wé nípa kókó ẹ̀kọ́ kan tàbí nítorí ìdí mìíràn, lè jí lọ́jọ́ kan kí ó má rí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí alábòójútó tí ó gbọ́n fi máa ń béèrè irú ohun tí fáìlì kan jẹ́ kí ó tó fọwọ́ kàn án. Àṣẹ `file core` yóò sọ bóyá àdàkọ iyè ni, yóò sì sábà sọ orúkọ ètò tí ó kú pẹ̀lú.

Nígbà tí ètò aṣàkóso fúnra rẹ̀ bá ṣubú

Ohun tí a ti ń sọ bọ̀ jẹ́ nípa ètò kan tí ó kú nígbà tí ètò aṣàkóso ṣì wà láàyè láti kọ àkọsílẹ̀ ikú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí ó bá jẹ́ ètò aṣàkóso gan-an ni ó ṣubú. Òun ni ó mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà lórí dísìkì. Bí orí òun fúnra rẹ̀ bá ti dàrú, kò yẹ kí a fọkàn tán an láti kọ fáìlì tuntun, nítorí ó lè kọ ọ́ bo iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà tí a gbà yanjú èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé òun ni ó ṣàlàyé ibi tí `MEMORY.DMP` ti ń wá. Ní Yunifásítì Kalifóníà ní Bẹ́kílì, níbi tí a ti mú Yúníìsì gbòòrò sí i, ìṣe náà pín sí ọ̀nà méjì. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣubú, yóò da iyè rẹ̀ sí apá dísìkì kan tí a ti yà sọ́tọ̀ fún ìpààrọ̀ iyè, níbi tí kò sí fáìlì ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹ̀rọ bá jí padà, ètò kan tí ń jẹ́ `savecore` yóò lọ wo apá yẹn. Bí ó bá bá àdàkọ níbẹ̀, yóò sọ ọ́ di fáìlì. Àwọn tí ó ṣe `savecore` tún fi ọgbọ́n kan sí i. Alábòójútó lè kọ òǹkà kan sínú fáìlì kékeré tí ń jẹ́ `minfree`. Bí àyè tí yóò kù lórí dísìkì kò bá ní tó iye yẹn, `savecore` kò ní tọ́jú àdàkọ náà. Níbí, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti ń wọn ẹ̀rí mọ́ àyè kí ó tó dá fáìlì sílẹ̀.

Ètò aṣàkóso Wíńdòòsì ti ilé-iṣẹ́ Máíkírósọ́ọ̀fùtì ń tọ ipa kan náà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣubú, Wíńdòòsì ń da iyè sí ààyè tí fáìlì `pagefile.sys` gbà lórí dísìkì, èyí tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti tàn. Nígbà tí ẹ̀rọ bá tún tàn, a ó sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ di `C:\Windows\MEMORY.DMP`. Nítorí náà, kò dára kí ènìyàn pa iná ẹ̀rọ nígbà tí ó ṣì ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún. Ó ń kọ ẹ̀rí lọ́wọ́ ni.

Pẹ̀lú Wíńdòòsì 2000, tí ó jáde ní ọdún 2000, a fún alábòójútó ní ànfààní láti yan ọ̀kan nínú oríṣi àdàkọ mẹ́ta. Àkọ́kọ́ jẹ́ àdàkọ gbogbo iyè. Bí iyè ẹ̀rọ bá jẹ́ gígábáìtì 8, fáìlì náà yóò tó gígábáìtì 8. Èkejì jẹ́ àdàkọ apá tí ètò aṣàkóso ń lò nìkan, èyí tí ó kéré sí ti àkọ́kọ́ gan-an. Ẹ̀kẹta jẹ́ àdàkọ kékeré, tí kò ju kílóbáìtì 64 lọ nígbà náà, tí ó gbé àmì ikú àti díẹ̀ nínú ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe lọ́wọ́ dání. Inú àpò `C:\Windows\Minidump` ni a ń kó àwọn kékeré yìí sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí Wíńdòòsì gbà ń lo méjèèjì yàtọ̀ síra. Àwọn kékeré lè kó jọ pọ̀, ṣùgbọ́n `MEMORY.DMP` ẹyọ kan ṣoṣo ni ó máa ń wà: bí a kò bá yí ètò padà, ìṣubú tuntun yóò kọ tirẹ̀ bo ti àtijọ́. Láti ìgbà Wíńdòòsì 7, tí ó jáde ní 2009, ẹ̀rọ tí kì í ṣe ara ẹgbẹ́ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan tún lè pa `MEMORY.DMP` rẹ́ fúnra rẹ̀ bí àyè tí ó kù lórí dísìkì kò bá tó gígábáìtì 25. Nítorí náà, ẹni tí ó ń rò pé òun yóò kà á tí ó bá yá lè padà wá kí ó má bá a mọ́.

Àpẹẹrẹ ẹ̀rọ kan tí ó dákú

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀rọ kan nínú ọ́fíìsì ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan bí àpẹẹrẹ. Iyè rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 8. Dísìkì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ń yí, ti gígábáìtì 500, èsì ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ti ń lọ́ra láti bí oṣù kan. Ojú rẹ̀ di búlúù ní ọjọ́ Ajé, ó sì tún tàn padà. Ní ọjọ́rú, ẹnìkan fẹ́ gba àyè, ó rí `MEMORY.DMP` tí ó tó nǹkan bí mẹ́gábáìtì 900, ó sì fẹ́ pa á rẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó wò ni ọjọ́ tí ó wà lára fáìlì náà. Ọjọ́ méjì péré ni. Èyí kì í ṣe ìdọ̀tí àtijọ́. Ẹ̀rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí ni. Ohun kejì ni kí ó ṣí Event Viewer, kí ó wo abala System, kí ó sì wá ìṣẹ̀lẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1001 ní ọjọ́ Ajé náà. Níbẹ̀ ni Wíńdòòsì ti kọ àmì ikú náà àti ibi tí ó tọ́jú àdàkọ sí. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, àmì náà ni `0x0000007a`, òǹkà kejì nínú àkámọ́ tí ó tẹ̀lé e sì ni `0xc000009c`. Bí ó bá ní ètò WinDbg, ó lè ṣí fáìlì náà, kí ó sì tẹ àṣẹ yìí:

```
!analyze -v
```

Àmì `0x7A`, tí Wíńdòòsì ń pè ní `KERNEL_DATA_INPAGE_ERROR`, túmọ̀ sí pé ètò aṣàkóso fẹ́ kà nínú ohun tí òun fúnra rẹ̀ tọ́jú sórí dísìkì, kò sì rí i kà. `0xc000009c` ni ó sọ ìdí rẹ̀: ohun èlò náà kò lè fi ohun tí a béèrè sílẹ̀ láìní àbùkù. Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí túmọ̀ sí pé ibì kan lójú dísìkì ti bàjẹ́. Lójijì, ìlọ́ra oṣù kan náà ti ní ìtumọ̀. Kì í ṣe pé àyè kò tó. Dísìkì náà ni ó ń kú lọ.

Ẹ wo ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí a bá ti kọ́kọ́ pa fáìlì rẹ́. Àyè ìbá pọ̀ sí i díẹ̀, ẹni náà ìbá rò pé òun ti tún ẹ̀rọ ṣe, èsì ìdánwò ìbá sì wà lórí dísìkì náà títí ọjọ́ tí kò ní tàn mọ́. Ní báyìí, ohun tí ó kàn ni pé kí ó da èsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ sórí dísìkì mìíràn kí ó tó ṣe ohunkóhun. Ìgbà tí ó bá ti ṣe èyí ni ó tó lè lo `chkdsk C: /r`, nítorí àṣẹ náà ń ka gbogbo ojú dísìkì, iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì lè parí ayé dísìkì tí ó ti rẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ojú dísìkì ti bàjẹ́, kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Ìgbà wo wá ni a lè pa `MEMORY.DMP` rẹ́? Nígbà tí a bá ti kọ àmì ikú àti òǹkà mẹ́rin tí ó tẹ̀lé e sínú ìwé ìtọ́jú ẹ̀rọ, tí a ti da èyí tí ó wà nínú `Minidump` kọ síbòmíràn, tí a ti tún ẹ̀rọ ṣe, tí ó sì ti ṣiṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì láìṣubú. Bí ó bá tún ṣubú láàárín àkókò yìí, a ó nílò láti fi ti àtijọ́ wé tuntun. Àmì kan náà túmọ̀ sí pé a kò tíì wo ibi tí àrùn wà. Àmì tí ó yàtọ̀ pátápátá ní gbogbo ìgbà sábà máa ń jẹ́ kí a fura sí ègé iyè fúnra rẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ ibi tí agbára ẹ̀rí yìí mọ. Àdàkọ ń fi ibi tí ẹ̀rọ ṣubú sí hàn. Kì í fi ìgbà gbogbo sọ ohun tí ó gbé e ṣubú. Ètò kan lè kọ ohun tí kò tọ́ síbi tí kì í ṣe tirẹ̀ ní aago mẹ́jọ, kí òmíràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sì kọsẹ̀ lára rẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Èkejì ni orúkọ rẹ̀ yóò wà nínú àdàkọ. Ìdí mìíràn nìyí tí àdàkọ méjì tàbí mẹ́ta fi sàn ju ẹyọ kan lọ.

Àdàkọ gẹ́gẹ́ bí àpótí àṣírí

Títí dé ibí, a ti wo àyè àti ẹ̀rí. Ohun kẹta ni ó yí òfin náà padà jù lọ ní ọ̀rúndún yìí. Ohun tí ó wà nínú iyè ẹ̀rọ ni ó ń wọ inú àdàkọ, láìyọ ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, lẹ́tà tí ó ṣí sílẹ̀, tàbí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀rọ fi ń dáàbò bo nǹkan. Lórí dísìkì, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè wà lábẹ́ títì. Nínú iyè, ó gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí kí ẹ̀rọ tó lè lò ó.

Ní oṣù keje ọdún 2023, Máíkírósọ́ọ̀fùtì kéde pé ẹgbẹ́ kan láti Ṣáínà, tí wọ́n sọ ní `Storm-0558`, ti ń ka lẹ́tà orí ẹ̀rọ àwọn ilé-iṣẹ́ bíi 25 láti oṣù karùn-ún ọdún náà. Lẹ́tà Gina Raimondo, ẹni tí ó jẹ́ akọ̀wé àgbà fún ètò okòwò Amẹ́ríkà nígbà náà, wà lára wọn. Kọ́kọ́rọ́ ìbuwọ́lù kan tí ó jẹ́ ti Máíkírósọ́ọ̀fùtì ni wọ́n fi wọlé. Báwo ni ó ṣe dé ọwọ́ wọn? Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ náà ṣàlàyé pé ẹ̀rọ tí ń fi kọ́kọ́rọ́ buwọ́ lu nǹkan ṣubú ní oṣù kẹrin ọdún 2021. Pé kọ́kọ́rọ́ náà wọ inú àdàkọ nítorí àṣìṣe kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò wà láti yọ irú rẹ̀ kúrò. Pé a gbé àdàkọ náà kúrò níbi tí ẹ̀rọ náà dá wà, lọ síbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wá àṣìṣe, tí ó so mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Àti pé ẹgbẹ́ náà gba ibẹ̀ wọlé nípa lílo orúkọ òṣìṣẹ́ kan.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 2024, Máíkírósọ́ọ̀fùtì tún ọ̀rọ̀ náà sọ: wọn kò tíì rí àdàkọ kankan tí kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú rẹ̀. Àlàyé ti àkọ́kọ́ di àbá lásán. Ìgbìmọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024, bá ilé-iṣẹ́ náà wí pé ó pẹ́ kí ó tó ṣe àtúnṣe yìí. Máíkírósọ́ọ̀fùtì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àkọsílẹ̀ tí ìbá fi hàn bí kọ́kọ́rọ́ ṣe jáde kò sí mọ́, nítorí àkókò tí wọ́n fi ń tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti kọjá.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ nínú èyí. Èkínní ni pé àdàkọ tí a gbé kúrò ní ibi tí ó ti wá ti yí ipò padà. Àwọn tí ó lè ṣí i ti pọ̀ sí i, ó sì yẹ kí ọjọ́ ìparẹ́ rẹ̀ súnmọ́ sí i. Èkejì ni pé kò yẹ kí ìparẹ́ fáìlì pa ìrántí rẹ̀ rẹ́. Bí àkọsílẹ̀ bá wà tí ó sọ àdàkọ tí ó ti wà rí, ọjọ́ rẹ̀, ibi tí a gbé e lọ, àti ọjọ́ tí a pa á rẹ́, ìbéèrè bóyá àdàkọ kan gbé kọ́kọ́rọ́ jáde kì bá tí di àbá.

Bí a ṣe ń pa á rẹ́

Nígbà tí ìgbà bá tó, ọ̀nà tí ó rọrùn jù lórí Wíńdòòsì ni kí a tẹ `cleanmgr`, kí a yan àwọn fáìlì ètò aṣàkóso, kí a sì fi àmì sí `System error memory dump files` àti `System error minidump files`. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ṣe pàtàkì. Ti àkọ́kọ́ ni ó ń gba àyè. Èkejì kéré, kò sì pọn dandan kí a pa á rẹ́ nítorí àyè nìkan.

Bí ẹ̀rọ náà bá fẹ́ kúrò lọ́wọ́ wa, yálà a fẹ́ tà á ni tàbí a fẹ́ fi tọrẹ, pípa fáìlì rẹ́ nìkan kò tó. Lórí dísìkì tí ń yí, ohun tí ó wà nínú fáìlì ṣì wà níbẹ̀ títí ohun mìíràn yóò fi bò ó. Àṣẹ `cipher /w:C:\` yóò kọ nǹkan mìíràn sí gbogbo àyè tí ó ṣófo. Ó ń gba wákàtí púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan fáìlì tí ó ṣì wà.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé ní ayé bébà, ẹni tí ó ka àdàkọ ni ó ń dà á nù. Fáìlì ni ó ya kíkà kúrò lára ìparẹ́, tí ó sì jẹ́ kí ẹni tí kò ka ohunkóhun lè pa ẹ̀rí rẹ́ nítorí àyè. Àṣẹ ọjọ́ méje ti àwọn ará Yúníìsì gbìyànjú láti so méjèèjì papọ̀ padà, nítorí ó ń bọ̀wọ̀ fún fáìlì tí ẹnìkan ṣì ń kà. Ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 2023 sì fi hàn pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ kò yẹ kí ó wà nílẹ̀ fún ẹni tí kò yẹ láti wá kà.

Ìbéèrè mẹ́ta ni olùkọ́ tí ẹ̀rọ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ lè fi mọ ìgbà. Ṣé a ti kọ àmì ikú rẹ̀ sílẹ̀? Ṣé ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́ láìṣubú láti ìgbà tí a ti tún un ṣe? Ta ni ó tún lè ṣí fáìlì náà? Bí ìdáhùn sí méjì àkọ́kọ́ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí a pa á rẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a tọ́jú rẹ̀ síbi tí ó mọ níwọ̀n. Bí ìdáhùn sí ẹ̀kẹta bá sì jẹ́ pé a kò mọ̀, kí a yára ka ẹ̀rí tí a fẹ́ kà, nítorí àkókò tí ó kù fún fáìlì náà kò gùn mọ́.